Ìtọ́sọ́nà Sólà ní Dópẹ́mú: Nígbà tí "Kò Sí Iná" Kò Tó

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, ọ̀pọ̀ onílé ní Dópẹ́mú ló ń béèrè iye tí sólà ń náni. Oníṣẹ́ iná kan ládùúgbò wa bẹ̀ mí pé kí n bá òun kọ ìtọ́sọ́nà tí àwọn ọmọṣẹ́ òun yóò máa tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé. Ní Yorùbá ni ó fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba àkókò jù lọ ni "iná". Iná ni ó wà lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, iná ni ó ń tàn nínú gílóòbù, iná náà ni ohun tí a ṣì ń sọ pé NẸ́PÀ mú lọ. Ìwé tí ó bá páńẹ́ẹ̀lì wá láti ilé iṣẹ́ sọ pé kí a rí i dájú pé kò sí iná kí a tó fọwọ́ kan wáyà. Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo bi ọmọṣẹ́ mẹ́ta léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá ka gbólóhùn náà. Àkọ́kọ́ ní òun yóò wò ó bóyá NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Èkejì ní òun yóò pa ínfátà. Ẹ̀kẹta ní páńẹ́ẹ̀lì kò ní gílóòbù, nítorí náà kò sí iná níbẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ oòrùn nínú wọn.

Oòrùn sì ni gbogbo rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà lé gíláàsì páńẹ́ẹ̀lì, iná ti wà nínú wáyà rẹ̀ nìyẹn, ìbáà ṣe pé a ti pa ohun gbogbo nínú ilé. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Oòrùn ni súìṣì páńẹ́ẹ̀lì. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wáyà rẹ̀ lè gbé ọ." ("O" ni mo lò, n kò lo "ẹ". Bí ìkìlọ̀ bá jẹ́ ti "ẹ", ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rò pé ẹlòmíràn ni a ń bá wí.)

Ìkìlọ̀ kejì tẹ̀ lé e: "Kí o tó fa ẹnu wáyà méjì yà, kọ́kọ́ gbé bíréékà páńẹ́ẹ̀lì sílẹ̀." Iná NẸ́PÀ a máa kú, a sì máa jí ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1, nítorí náà ẹ̀ta iná rẹ̀ tètè ń kú. Iná páńẹ́ẹ̀lì kì í sinmi bẹ́ẹ̀. Bí a bá fa wáyà yà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ta iná náà lè dúró sáàárín ẹnu méjèèjì kí ó máa jó, kí ó sì ran òrùlé.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni ó wá mú iyàn dání. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni onílé kan rà, wọ́n sì so wọ́n tẹ̀ léra wọn. Ínfátà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju fóltì 145 lọ. Ní agogo méjì ọ̀sán, mítà ka nǹkan bí 134, inú àwọn ọmọṣẹ́ sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì wò: Voc tí a kọ síbẹ̀ jẹ́ 49.5. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 148.5. Ooru ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ìwọ̀n ooru 25 ni a fi wọn iye ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 60 lọ́sàn-án, fóltì rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, bí ó bá tutù dé 20, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kọjá 150, ínfátà lè jóná láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí mo fi fi ìṣirò ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì ṣáájú mítà nínú ìtọ́sọ́nà náà.

Onílé fi ẹ̀kẹrin kún un, wọ́n sì so wọ́n ní méjì-méjì. Ìtọ́sọ́nà ní kí bíréékà ṣì wà nílẹ̀, kí a yí mítà sí ibi tí a kọ V tí ìlà gbọọrọ wà lórí rẹ̀, kí a sì wọn méjì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìṣirò wọn jẹ́ 99. Ní ọ̀sán gangan, nǹkan bí 90 ni mítà yóò kà. Bí méjì kan bá ka nǹkan bí ìdajì èyí, ọ̀kan nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́. Bí àmì àyọkúrò bá hàn níwájú iye náà, wáyà pupa àti dúdú ti ṣíra, kò gbọdọ̀ dé inú ínfátà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pé, a óò kọ́kọ́ so bátìrì, lẹ́yìn náà ni a óò gbé bíréékà páńẹ́ẹ̀lì sókè. Bí a bá fẹ́ tú u, páńẹ́ẹ̀lì ni yóò kọ́kọ́ kúrò.

Ọ̀gá wọn fẹ́ kí ìwé náà wà nínú àpótí irinṣẹ́. Mo ní kí ó fi ọ̀dà kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ti oòrùn àti súìṣì, sára àpótí bíréékà pẹ̀lú, nítorí káfíńtà tí yóò wá dí ibi tí òrùlé bá ti ń jò lọ́jọ́ iwájú kò ní ka ìtọ́sọ́nà wa.