Irun dúdú ò gba àwọ̀ bọ̀rọ̀

Onídìrí kan l'Ọ̀wọ̀ fi fótò ráńṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irun yìí di àwọ̀ wáìnì, kí oníbàárà mi rí bó ṣe máa rí kó tó ra àtáṣímẹ́ǹtì."

Láptọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ ni. Ràámù rẹ̀ ò ju gígábáìtì 4 lọ.
Photoshop ìsinsìnyí ń béèrè 8, ó kéré tán.
Mo bá ṣí GIMP.

Mo fi léyà tuntun lé fótò, mo yí Mode rẹ̀ sí HSL Color, mo fi wáìnì kun irun.
Ó ṣì dúdú kirikiri!
Àwọ̀ nìkan ni Mode yẹn ń yí, kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀. Ohun tó dúdú, dúdú ni yóò ṣì jẹ́.

Mo ṣe ẹ̀dà fótò náà sábẹ́ léyà àwọ̀, mo lọ sí Colors > Curves, mo fa apá òsì ìlà náà sókè díẹ̀.
Ìdì irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wáìnì sì jáde.
Ẹ má fà á jù o, irun á dà bí eérú, á sì máa ṣe wínníwínní.
Mo wá fi Layer Mask bo ojú àti ọrùn, kí wọ́n má baà funfun pẹ̀lú rẹ̀.

Irun dídì ni, etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó rọrùn láti gé.
Ti àfúrò ló le. Níbẹ̀, Select and Mask ti Photoshop ń mú irun tín-ín-tìn-ìn-tín ju ọwọ́ mi lọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n tẹ́ ẹ ń lo GIMP, báwo lẹ ṣe ń gé àfúrò?