Ìwé Àṣẹ Lè Jẹ́ Òótọ́, Kí Ilé Má Bá A Mu

Àwọn ará ń gbé ìwé ilé wá bá wa níbí ní Dópẹ̀mú pé kí a gbàdúrà sí i kí àwọn tó sanwó. Àdúrà ò ní tán lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìkọ́lé kì í ṣe ohun tí a kàn ń gbọ́wọ́ lé, ohun tí a ń yẹ̀ wò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe sí-ọ́fù-ò ní ìwé ilé. Ẹni tó ni ilẹ̀ ni sí-ọ́fù-ò ń sọ, kò sọ iye pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ lè kọ́ sórí ẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ló ń sọ ìyẹn, àjọ LASPPPA ló sì ń fún ni ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àjọ kejì, LASBCA, ni ó ń bójú tó ilé náà bó ṣe ń gòkè láti ìpìlẹ̀, tó bá sì parí, òun ló ń fún onílé ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti pé, ó sì yẹ kí ènìyàn máa gbé inú ẹ̀. Ọ́fíìsì méjì, ìwé méjì. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìwé àṣẹ kì í ṣe ayédèrú? Ẹ má gba lẹ́tà nìkan. Lẹ́tà àti àwòrán ilé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ló jọ ń rìn. Lẹ́tà rọrùn láti yí, àmọ́ odindi ìdì àwòrán, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ayàwòrán ilé àti ti ẹnjiníà, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ojúlówó ìwé yóò ní àwòrán náà, tàbí kí ó lè lọ gba ẹ̀dà ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí ọ́fíìsì LASPPPA tó ni àdúgbò náà. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà sínú ẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà tí ọ́fíìsì fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tí ẹ́jẹ́ńtì fún yín pé "ọ̀gá wa ní LASPPPA nìyí o." Ẹ fẹsẹ̀ yín débẹ̀. Ẹ rántí pé Dópẹ̀mú wà lẹ́nu ààlà: apá kan bọ́ sí Agége, tí ẹ bá sì kọjá sí ọ̀nà Akówónjọ, ẹ ti wọ Alímòṣọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí fáìlì ilé náà wà.

Kì í ṣe "ṣé nọ́ńbà yìí wà?" nìkan ni ẹ máa béèrè. Nọ́ńbà lè wà kó jẹ́ ti ilé ẹlòmíràn. Ẹ béèrè pé: orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ilẹ̀ wo? Ilé gbígbé ni àbí ilé ìtajà? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mélòó? Kí ẹ wá fi nọ́ńbà bíkìnnì tó wà nínú pílánì ilẹ̀ wé èyí tó wà lára òpó kéékèèké tí sọ̀féyọ̀ rì mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀ náà. Ẹ wo ọjọ́ orí ìwé pẹ̀lú. Òfin ọdún 2010 ló dá LASPPPA àti LASBCA sílẹ̀. Tí wọ́n bá kó ìwé fún yín tó ní ọjọ́ ọdún 2006, tí orúkọ LASPPPA sì wà lókè ẹ̀, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti arábìnrin kan láàárín wa. Ó rí ilé kan ládùúgbò yìí, ó mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní òótọ́ ni: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fúláàtì mẹ́rin. Inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ sanwó. A ní kó dúró ná, kó mú àwòrán náà lọ sílé ọ̀hún pẹ̀lú ẹnjiníà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà.

Láti ojú títì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ni wọ́n kà, kì í ṣe ẹyọ kan. Fúláàtì mẹ́fà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú tí kò sí nínú àwòrán. Wọ́n fa tépù láti ara ilé dé ara fẹ́ǹsì. Àwòrán ní mítà 3, tépù ní mítà 1.2, torí wọ́n ti fi yàrá kún ẹ̀gbẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n dé òkè pátápátá, búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀ sì há ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn wá jù. Ẹnjiníà wọn òpó ìsàlẹ̀, ó bá àwòrán mu gẹ́lẹ́: mìlímítà 225 níbùú lóròó. Arábìnrin wa rò pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà ní rárá o. Òpó tí wọ́n ṣírò fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì yẹn. Ìpìlẹ̀ náà, ẹrù tí wọn ò ṣírò mọ́ ọn ló ń gbé. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ilé ni kò bá ìwé mu.

Ìdí nìyí tí kíka iye pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi ṣe pàtàkì. Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní ojú ọ̀nà Gerrard, ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀gá LASBCA nígbà náà sọ pé àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Igbákejì gómìnà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé 21 ni. Tí àwọn aláṣẹ pàápàá bá lè sọ iye méjì lórí ilé kan ṣoṣo, ẹ má ra ilé lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Iye tó wà lórí ẹ̀dà tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí ni kí ẹ dì mú.

Ṣùgbọ́n tépù ò lè dé ibi gbogbo. Kò sẹ́ni tó ń fi ojú rí irin inú kọnkéré, kò sì sẹ́ni tó ń rí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ bò. Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò LASBCA láti ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà lọ́wọ́. Tí kò bá sí, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àyẹ̀wò agbára kọnkéré láìfọ́ ògiri. Ẹ bi aládùúgbò náà bóyá wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé yẹn rí, torí ọ̀dà tuntun lè bo èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Arábìnrin wa ò bá onílé jà. Ó ní kí bàbá náà kọ́kọ́ gbé àwòrán ilé bó ṣe wà gan-an lọ sí LASPPPA, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò agbára ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i lórúkọ bàbá, kí òun tó san kọ́bọ̀. Bàbá ní òun ò ní àsìkò. Arábìnrin wa náà kó owó ẹ̀ padà sí báńkì. Torí ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, òun ló máa jíhìn lọ́jọ́ tí ìjọba bá wá tì í pa tàbí wó o, kì í ṣe ẹni tó tà á.

Tí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ mú àwòrán ẹ̀ dání kí ẹ tó wá bá wa. A máa jọ lọ kà á lójú títì, ká tó gbàdúrà.