Aago Bàbá Tí Wọ́n Pín Mọ́ Ogún

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni mo ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, arákùnrin kan gbé aago bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá bá mi, Rólẹ́ẹ̀sì Déè-Déètì aláwọ̀ wúrà. Wọ́n ti pín ogún. Àwọn àbúrò rẹ̀ gba ilẹ̀, òun gba aago gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wúrà kò tọ́ sí ọkùnrin Mùsùlùmí láti wọ̀, nítorí náà ó fẹ́ tà á. Ó ní kí n bá òun dá iye lé e.

Bí mo ṣe gbà á ni ara ti fu mí. Láti 1956 tí Déè-Déètì ti jáde, wúrà tàbí pilatínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Wúrà káráàtì 18 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì irin tí ó tóbi bákan náà. Eléyìí fúyẹ́ bí aago onírin.

Mo gbé e sétí, mo mì í. Irin kan tó rí bí ìlàjì àwo wà nínú irú aago bẹ́ẹ̀, rótọ̀ la ń pè é. Òun ló ń wáìnì aago bí ọwọ́ bá ń lọ tó ń bọ̀. Ti Rólẹ́ẹ̀sì ń wáìnì bó bá yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí ń sáré yí lófo lápá kan, ó ń dún bí táyà kẹ̀kẹ́ tí a gbé sókè. Síbẹ̀, rótọ̀ ojúlówó tó ti jẹ náà lè pariwo, nítorí náà n kò tíì dájọ́.

Mo fi awò wo ojú aago. Etí lẹ́tà ojúlówó máa ń mọ́ gérégé. Ti eléyìí ṣàn bí yíǹkì lórí bébà tútù. Díńgí kékeré tó wà lórí déètì yẹ kó sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì ààbọ̀, kó kún fèrèsé rẹ̀. Nọ́ńbà eléyìí kéré, ó tún fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àmọ́ ẹnìkan lè ti pààrọ̀ díńgí.

Ni mo bá gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn aago. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti Rólẹ́ẹ̀sì rárá. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹni tó bá rà á máa mọ̀?”

Mo ní, “Ó lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ti mọ̀.”

Ó mú un padà sọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì tún ogún náà pín. Bí aago bá wà nínú ogún tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi dípò ìpín ẹnikẹ́ni.