Wọ́n ní kí n ṣe fláyà, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Mo fẹ́ sọ bí ilé ìfọṣọ kan ní Ìbàdàn ṣe yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Mo mẹ́nu ba ẹkún torí pé nígbà àkọ́kọ́, ẹnìkan sunkún lóòótọ́.

Èmi ni mo máa ń ṣe fídíò àti fláyà fún wọn. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Akóbọ̀, òṣìṣẹ́ wọn sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2024, màdáámù tó ni ibẹ̀ pè mí lálẹ́ Fúráìdè kan. Ó ní àwọn ò ní máa ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́ ní Sátidé mọ́, aago mẹ́rin ni wọ́n á máa tilẹ̀kùn. Ó ní kí n bá òun ṣe fláyà kíá, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kò tó wákàtí kan tí mo fi parí ẹ̀. Fláyà náà rẹwà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo tún fi nọ́ńbà ara mi sí ìsàlẹ̀, torí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ẹni tó ṣe é.

Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, fóònù mi dún. Obìnrin kan ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, ilẹ̀kùn wà ní títì. Aṣọ tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ máa wọ̀ lọ ṣe ìdúpẹ́ òkú bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì ló wà nínú ilé. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ síbẹ̀: Sátidé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mégáàdì ò mọ nǹkan kan. Nọ́ńbà mi tó wà lára fláyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ni obìnrin náà rí. Ó kọ́kọ́ ń bínú, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà wà lórí fóònù, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ju "ẹ má bínú, má" lọ. Ó tó wákàtí kan kí mánéjà tó ti Akóbọ̀ dé láti wá ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ronú ọ̀rọ̀ náà títí. Fláyà kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti ṣèlérí fún obìnrin yẹn lórí ìwé kí a tó yí aago padà, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ìlérí ń bẹ lóde. Lẹ́yìn náà, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" kì í ṣe ọjọ́. Ẹni tó kà á ní Fúráìdè á máa rò pé ọ̀tunla ni, ẹni tó kà á ní Sọ́ńdè á ní ó ṣì ku ọjọ́ méje. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé orí sítátọ́ọ̀sì mi ni àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o!

Nítorí náà, nígbà tí màdáámù tún pè mí lóṣù kẹfà 2025 pé gbogbo wákàtí ló fẹ́ yí padà báyìí, mo ní, "Má, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ìdí tó fi fẹ́ yí i padà ò ṣòroó lóye. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Láàárín mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé áyọ́ọ̀nù àti iná, àwọn tó ń wá gba aṣọ nígbà yẹn ò sì tó nǹkan. Láàárọ̀ kùtù ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń fẹ́ já aṣọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó wá fẹ́ kó di méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí Sátidé sì jẹ́ mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin. A mú Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje la bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún màdáámù pé ìbéèrè owó ni kó kọ́kọ́ dáhùn, kódà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, torí bí ẹ bá ti sọ pé wákàtí fẹ́ yí padà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìyókù mọ́. Gbogbo wọn ń ṣírò owó oṣù lọ́kàn ni. Síftì wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀kan láti mẹ́jọ sí mẹ́rin, ìkejì láti méjìlá sí mẹ́jọ alẹ́. Ó máa di méje sí mẹ́ta àti mẹ́wàá sí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́jọ ṣì ni, owó ò yí padà. Nígbà tó sọ ìyẹn, ara gbogbo wọn balẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an.

Màmá tó ń lọ aṣọ ní, "Má, gééètì ilé ìwé ọmọ mi kì í ṣí kí aago méje tó lù. Mọníyà ni mò ń gbé. Ta ló máa mú un lọ?" Síftì àárọ̀ ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ká ní fláyà la fi bẹ̀rẹ̀ ni, ọjọ́ tí ilé ìwé bá wọlé la máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lọ aṣọ láàárọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: oṣù kẹjọ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọlidé ni àwọn ọmọ wà. Gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ń lọ déédéé, ó di oṣù kẹsàn-án kó tó dàrú. Wọ́n gbé màmá náà sí síftì mẹ́wàá, inú rẹ̀ dùn, torí tẹ́lẹ̀ ó ti máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó délé.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí ojútùú o. Bọ̀dá kan tó ń fọ aṣọ máa ń gun ọ̀kadà láàárọ̀ kó tó wá sí síftì méjìlá. Aago mẹ́wàá á gé owó ọ̀kadà rẹ̀ sí méjì. A wá ọ̀nà títí, kò sí. Màdáámù sọ fún un lójúkojú, kò fi dánwò. Bọ̀dá náà ní òun á fi oṣù kan dán an wò. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì fún ìyẹn.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀: Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 13, sọ pé wákàtí iṣẹ́ jẹ́ ohun tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò lé lórí, tàbí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn dúnàádúrà lé lórí, tàbí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ pàṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àròpọ̀ rẹ̀ ò dín ní wákàtí kan. Wọ́n kọ síftì tuntun àti ìsinmi náà sínú lẹ́tà, kálukú fọwọ́ sí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó kan àwọn kọ́sítọ́mà, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó ń kó bẹ́díṣíìtì wá ló sì ṣáájú. Aago méje alẹ́ ni dírẹ́bà wọn máa ń wá. Mánéjà lọ bá wọn fúnra rẹ̀, wọ́n jọ sọ ọ́ di aago márùn-ún. Irú kọ́sítọ́mà báyìí, ẹ má jẹ́ kó bá yín pàdé lórí sítátọ́ọ̀sì.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó pẹ́ jù, bí agbádá àti léèsì, máa ń gba ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje, ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣáájú, wọn ò kọ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ sókè sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan mọ́. Wọ́n tún yẹ àwọn tó ti wà nílẹ̀ wò, wọ́n rí mẹ́rìndínlógún tí aago wọn kò bá tuntun mu, wọ́n sì pe ẹni kọ̀ọ̀kan lórí fóònù.

Gbólóhùn kan péré ni mo kọ fún gbogbo ènìyàn, òun náà ni òṣìṣẹ́ ń sọ lẹ́nu, òun ló wà lára ilẹ̀kùn: "Láti Mọ́ńdè 4 oṣù kẹjọ 2025, a ó máa ṣí ní aago 7 àárọ̀, a ó sì máa tì ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Sátidé: 8 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́. Bí aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá yàtọ̀ sí èyí, a máa pè yín." Èmi ni mo fi ìparí yẹn sí i. Ẹ mọ ẹni tó kọ́ mi.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi rèé. Mo fi mẹ́sèèjì náà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pẹ̀lú Broadcast list. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ṣọ́ọ̀bù lé ní irinwó, 256 sì ni líìsìtì kan ń gbà, mo bá ṣe méjì. Nígbà tó dalẹ́, mo yẹ ẹni tó dé ọ̀dọ̀ wọn wò. Kò tó ìdajì! Broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀. Ta ló ń fi nọ́ńbà afọṣọ pamọ́? Bébà kékeré tí a so mọ́ ọ̀rá aṣọ kọ̀ọ̀kan tó ti mọ́ ló gbà wá. Kò sí bí wàá ṣe yọ aṣọ rẹ tí o ò ní rí i.

Gúgù ńkọ́? Ẹ má ṣe yí wákàtí gan-an tó wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́, torí ojú ẹsẹ̀ làwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, wọ́n á sì wá ní aago méje nígbà tí ẹ ò tíì ṣí. Alẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, ni mo yí i padà, mo sì tún Away message ti Wásáàpù ṣe lálẹ́ yẹn kan náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹnìkan dúró ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan di aago mẹ́jọ, wọ́n sanwó àfikún fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fún ẹni tó bá pẹ́ ní aṣọ, kó sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ní Bódìjà, ẹni mọ́kànlá ló wá lọ́sẹ̀ kìíní, mẹ́rin lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kẹta, a ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà.

Bọ̀dá ọlọ́kadà fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ó dágbére fún gbogbo wa. Ilé ìwé wọlé, màmá tó ń lọ aṣọ ṣì ń dé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti yọ nọ́ńbà mi kúrò lára fláyà.