Ìwé Iye Owó Tí Kò Ní Dá Ìjà Sílẹ̀

Akọ̀wé wa ló ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń kọ iye owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí ímeèlì. Ẹjọ́ kan tí àwa àgbà Ẹgbẹ́ jókòó lé lórí ló fà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń ṣe fèrèsé oní-alumíníọ̀mù ló kọ iye owó fèrèsé 22 ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Ìlà méjì péré ni ìwé náà: iye fèrèsé àti iye owó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, tí owó wa sì já wálẹ̀. Nígbà tí oníbàárà yóò fi gbé fóònù rẹ̀ dé ní oṣù kẹsàn-án, owó tí a kọ kò ra irin àti gíláàsì mọ́. Oníbàárà ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yín ni.” Oníṣẹ́ ní, “Ta ni kò mọ̀ pé ọjà ti gòkè?” Àwa tí a ń dá ẹjọ́ wo ìwé náà títí, a kò rí ibi kankan tí a lè gbé ẹsẹ̀ lé, nítorí kò sí ọjọ́ ìparí lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì, tí ọmọ wọn jọ ń lọ sí ilé-ìwé kan náà, kò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Káfíńtà ni èmi, ní Kaduna níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ìwé aládàáni kan ní kí n kọ iye tí n óò gbà fún tábìlì àti bẹ́ńṣì ogójì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nítorí akápò wọn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe lọ nìyí. Lórí ìlà àkọlé, níbi tí ènìyàn kọ́kọ́ ń wò kí ó tó ṣí ìwé, mo kọ pé: “Iye owó 17A: tábìlì àti bẹ́ńṣì 40, ₦1,860,000, ó parí ní 17 Oṣù Kẹta 2025.” Akápò lè fi í ránṣẹ́ sí olùdásílẹ̀ ilé-ìwé láìkọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ìyẹn sì mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìkíni kúkúrú, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Mo kọ iye tábìlì, gígùn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin fún ọmọ méjì, gíga rẹ̀ ní ínǹṣì 25, igi àfàrà fún ojú rẹ̀, irin fún ẹsẹ̀ rẹ̀, àti fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mejì. ₦45,000 ni ẹyọ kan, ₦1,800,000 ni ogójì. ₦60,000 ni owó ọkọ̀ títí dé ẹnu géètì ilé-ìwé. Mo tún sọ pé kò sí owó-orí ọjà ìjọba nínú iye náà.

Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ìpínrọ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fò: “Ohun tí kò sí nínú iye yìí.” Títún àwọn tábìlì àtijọ́ ṣe kò sí níbẹ̀. Gbígbé tábìlì gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí níbẹ̀. Kíkọ orúkọ ilé-ìwé sí ara igi kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń mọ ohun tí n óò kọ síbẹ̀ ni pé mo máa ń rántí ohun tí oníbàárà mẹ́nu kàn nígbà tí a jọ ń rìn yí ilé-ìwé ká. Olùdásílẹ̀ ti fi ọwọ́ kan tábìlì àtijọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya, ó ní, “Ẹ óò kúkú bá wa wo èyí náà.” Ẹ̀rín ni mo fi dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀.

Ní ti ọjọ́, “ó wà fún ọjọ́ 14” kò tó. Ṣé láti ọjọ́ tí mo kọ ọ́ ni, àbí láti ọjọ́ tí wọ́n kà á? Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, ni mo kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ gbangba pé iye náà dúró títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta 2025, bí owó ìṣáájú bá ti wọ àpò báńkì wa kí agogo náà tó lù. Lẹ́yìn èyí, n óò kọ iye tuntun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra igi mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹni tí ń tà á lè bá ènìyàn di iye mú mọ. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan.

Owó sísan ló ń fa ariwo jù, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń fà á ni “ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá parí.” Oníṣẹ́ gbà pé iṣẹ́ parí nígbà tí fáníìṣì bá gbẹ, oníbàárà gbà pé ó parí nígbà tí ọmọ ti jókòó lé e fún oṣù kan. Ohun tí ojú méjèèjì lè rí ni mo ń so owó mọ́. Ìdá 60 nínú 100, ₦1,116,000, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyókù, ₦744,000, ní ọjọ́ tí ogójì bá wọ géètì, tí akápò sì kà wọ́n tí ó fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni a óò fi ṣe é, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí owó ìṣáájú bá wọlé, láìka òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Nọ́ńbà báńkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan: a kì í yí i padà lórí ímeèlì, bí ẹ bá rí òmíràn, ẹ pè mí lórí fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn olè ń wọ inú ímeèlì ènìyàn kí wọ́n lè pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn.

Gbogbo èyí wà nínú ara ímeèlì fúnra rẹ̀. Mo so PDF mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi fóònù kàwé nínú ọkọ̀ kì í ṣí i.

Wọ́n ná an, bí a ti mọ̀ pé wọ́n máa ná an. Wọ́n ní kí n gba ₦1,800,000. Mo ní ó dára, bí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé yóò bá wá kó ẹrù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe “ó dára, mo gbà” ni mo kọ sí abẹ́ ìwé àkọ́kọ́ o. Mo kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 17B, mo sọ ọ́ ní ìlà kìíní pé ó gba ipò 17A, mo mú owó ọkọ̀ kúrò, mo gbé ọkọ̀ lọ sí abẹ́ “ohun tí kò sí,” mo sì yí owó sísan padà sí ₦1,080,000 àti ₦720,000. Mo tún kọ ọ́ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni a óò ti ka ẹrù báyìí, kì í ṣe géètì wọn. Ọjọ́ ìparí kò yí padà.

Owó ìṣáájú wọlé ní Ọjọ́bọ, 13 Oṣù Kẹta. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ gba 31 Oṣù Kẹta àti 1 Oṣù Kẹrin, nítorí náà 7 Oṣù Kẹrin ni ọjọ́ 15 bọ́ sí. Ní ọjọ́ náà, akápò tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì wá, ó ka ogójì, ó fọwọ́ sí i, ó san ìyókù. Ó wá béèrè tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ yíya yẹn. Mo ṣí 17B hàn án lórí fóònù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ iye tí títún wọn ṣe máa jẹ́ ránṣẹ́. 18A nìyẹn.