Àkọsílẹ̀ Lórí Dídá Owó Kíláàsì Padà

Ní ìsàlẹ̀ fíláyà ló máa ń wà, ní lẹ́tà wínníwínní: "A kì í dá owó padà." Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2018 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gba ààyè sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò wá mọ́, olùtajà náà sì láyè láti yọ ìwọ̀n owó tó bá tọ́. Lára ohun tí a ó fi mọ ìwọ̀n náà ni bí oníbàárà ṣe tètè sọ̀rọ̀ tó, àti bóyá a lè rí ẹlòmíràn fi dípò rẹ̀. Bó bá kú, tàbí tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, a kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nítorí pé kò wá.

*

Ìwé ìnáwó ni mo máa ń bèèrè kí n tó bá ẹnikẹ́ni kọ ìlànà. Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kéèkì ọlọ́jọ́ méjì n'Ìbàdàn, ọjọ́ 20 àti 21 oṣù kẹfà: ènìyàn 12, ₦50,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn jẹ́ ₦120,000. A ti san ìdajì sílẹ̀, onígbọ̀ngàn kò sì ní dá a padà. Ọjọ́ 6 ni ìdajì tó kù gbọ́dọ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, olùkọ́ yóò gba ₦120,000, ìbáà jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ló wá.

Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ 6 tó pé, ₦5,000 péré ni owó tirẹ̀ tó ti lọ, ìpín rẹ̀ nínú àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn. Kó gba ₦45,000 rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 lọ, gbọ̀ngàn àti olùkọ́ ti di ₦20,000 lórí àga kọ̀ọ̀kan. ₦30,000 ló ń padà bọ̀.

Ọjọ́ 17 ni a ra èlò, ₦13,000 fún ẹnì kan. Ibí ni ojúkòkòrò ti máa ń wọlé, nítorí àwọn olùṣètò á fẹ́ yọ ₦13,000 náà pátá. Fúláwà àti ṣúgà kì í bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bọ́tà ń bẹ nínú fíríìsà, kíláàsì tó ń bọ̀ yóò lò wọ́n. Èso àti kíríìmù nìkan ló máa ṣòfò, bí ₦5,000. Nítorí náà ₦25,000 la ó dá padà. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá, tí a kàn ń retí títí àga rẹ̀ fi ṣófo, kò ní gba nǹkan kan, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí ọsibítù. Mi ò rí ìkà níbẹ̀: kò jẹ́ ká lè fún ẹlòmíràn láyè.

*

Bí ẹlòmíràn bá ti ra àga náà ní iye kan náà, àdánù ti tán. Olùṣètò tó gba owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lórí àga kan ti ń jẹ èrè lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìlànà sọ ọ́ kedere pé a ó dá gbogbo owó padà, àfi ohun tí báńkì bá yọ.

*

"Ọjọ́ méje ṣáájú" ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Kọ̀ǹpútà kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ gan-an, kí ẹ fi aago sí i: "Títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà." Bó bá jẹ́ lórí Wásáàpù, àkókò tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ni kí a kà, kì í ṣe ìgbà tí olùṣètò ráyè kà á.

*

Bó bá jẹ́ olùṣètò ló fagi lé e, tàbí tó sún ọjọ́ síwájú, gbogbo ₦50,000 ló ń padà, láìyọ ti báńkì. "Ẹ jẹ́ ká tọ́jú owó yín di ìgbà mìíràn" lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ni yóò yàn án. Bí kíláàsì kò bá ní wáyé tí ènìyàn kò bá pé mẹ́jọ, kí a kọ iye yẹn àti ọjọ́ ìpinnu síta kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ ní láti mọ̀ kó tó san owó ọkọ̀.

*

Ọ̀gá kan sanwó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà kò wá, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ fi owó náà sínú àkáǹtì mi." Rárá o. Àkáǹtì tí owó ti wá ló ń padà sí, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá náà lè rán ọmọ iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá ti mọ ohun tí kíláàsì náà ń béèrè.