“To” Méjì Tó Jọra

Ohun kan máa ń rú mi lójú nígbà tí mo bá ń máàkì ìdánrawò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí “She is interested in ___”, wọ́n á kọ “sing” sí ẹ̀gbẹ́, òun náà á sì fi “singing” dí àlàfo náà láìṣiyèméjì. Tó bá kan “I look forward to ___ you”, tí wọ́n fún un ní “see”, “see” náà ló máa kọ. Òfin kan ló de méjèèjì: ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-atọ́kùn á gbé “-ing” wọ̀. Kí ló dé tó fi rántí rẹ̀ lẹ́yìn “in”, tó gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn “to”?

Mo rò pé “to” fúnra rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. “Want to go” àti “to eat” ti mọ́ ọmọ náà létí láti kékeré. Ṣùgbọ́n “to” méjì ló wà, kò sì ṣòro láti dá wọn mọ̀: ẹ fi “it” sí ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà. “I look forward to it” dúró dáadáa, ọ̀rọ̀-atọ́kùn nìyẹn. “I want to it” kò dúró. Ẹ wá wo “He used to ___ early” àti “He is used to ___ early”, kí “wake” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa. “He is used to it” bá etí mu, nítorí náà “waking” la ó kọ: jíjí ní kùtùkùtù ti mọ́ ọn lára. “He used to it” kò bá etí mu, nítorí náà “wake” ni: ó máa ń jí ní kùtùkùtù tẹ́lẹ̀ rí.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kó tó di ọdún 1100, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni “to” ti “to sing” náà. “To singenne” ni wọ́n ń wí nígbà náà; “-enne” ni ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ìparí náà parẹ́, tó ku “sing” lásán. “-Ing” ti “singing”, ní tirẹ̀, wá láti ara ìparí tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi ti “leornung”, ìyẹn ẹ̀kọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ààlà àárín “to” méjèèjì kò fi hàn sójú.

Òfin “-ing” lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn sì ní ibi tó ti ń yẹ̀, bíi lẹ́yìn “but”: a kì í sọ “She did nothing but crying”, “cry” ni.

Èdè tiwa náà mọ irú òfin yìí. “Mo nífẹ̀ẹ́ sí kíkọrin” là ń wí, kì í ṣe “Mo nífẹ̀ẹ́ sí kọrin”. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí ẹ bá sì ń ṣe ìdánrawò, ẹ bo ọ̀rọ̀-atọ́kùn náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi “She is good ___ ___”, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú “at” àti “cooking” wá pa pọ̀.